"Ó Wà ní Akáúńtì": Ìbéèrè Tó Yẹ Ká Bi Oníbàárà Tí Owó Wa Há Sí Lọ́wọ́

(Ọ̀rọ̀ ohùn láti Kánò. A tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé e, àti ẹ̀yin tí ọjà kò jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè gbọ́ ọ.)

Ẹ má bínú sí ariwo tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ni.

Àbúrò wa tó ń ta wáyà àti súwíìṣì ní Pọ́tá ló fà á tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Níjẹta ó kọ ọ́ síbí pé òun kó ọjà fún ilé iṣẹ́ kan, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí òun bá sì ti pè wọ́n, gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń sọ: "Ínfọ́ìsì yín wà ní akáúńtì." Ó ní ṣé kí òun lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn ni. Àwọn kan nínú wa ní kó lọ. Èmi ní kó dúró ná, torí ohun tó ṣe é yìí ti ṣe èmi náà rí, jíjókòó sẹ́nu ọ̀nà kọ́ ló sì yọ mí. Ìbéèrè tí mò ń bi wọ́n ni mo yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bébà ni mò ń tà, ẹ mọ̀. Lọ́dún 2025, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbí fún mi ní ìwé LPO pé kí n kó páálí bébà A4 ọgọ́ta wá kí àwọn ọmọ tó wọlé. ₦28,000 ni páálí kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,680,000. Àdéhùn wa ni pé wọ́n á san án láàárín ọjọ́ 30. Mi ò ní irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Alhaja kan ní Ṣómólú ló fọkàn tán mi, ó di ọjà náà fún mi láwìn, ó ní kí n má jẹ́ kó ju oṣù kan àti ààbọ̀ lọ.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ la kó ọjà dé sitọ́ọ̀ wọn. Ẹ mọ bí òjò Kánò ṣe ń rọ̀ ní oṣù kẹjọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo ti lọ fi ínfọ́ìsì sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, mo ti kọ páálí ọgọ́ta sí i. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tẹ̀lé ọkọ̀ lọ já ọjà. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì mọ̀.

Ọjọ́ 30 pé, kò sí álẹ́ẹ̀tì. Mo pe Málàm tó ń rajà fún wọn. "Málàm, ẹ jọ̀ọ́, owó wa ńkọ́?" Ó ní, "Alhaji, ó wà ní akáúńtì, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀." Ọjọ́ kejì mo tún pè. Ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo pè é láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, nígbà tó yá kò gbé e mọ́. Alhaja náà ti ń pè mí láti Ṣómólú. Kò bú mi o, ohùn rẹ̀ kàn ń tutù sí i ni. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn tó ń rà lówó lọ́wọ́ ti ń béèrè ọjà." Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Bí kò bá fún mi lọ́jà mọ́, kí ni mo fẹ́ tà bí sáà tuntun bá wọlé? Mo ti ń rò ó pé kí n ta ohun tó kù ní ṣọ́ọ̀bù mi lówó pọ́ọ́kú kí n lè san díẹ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní àdúgbò wa, ó ti ṣe iṣẹ́ akáúńtì ní ilé iṣẹ́ ńlá kan kó tó fẹ̀yìn tì. Mo lọ bá a, kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn, mo fẹ́ yá owó ni. Kò tíì dáhùn lórí owó tó fi bi mí pé, "Kí lo ń bi wọ́n tó o bá pè?"

Mo ní, "Mo ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa sanwó."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó ò ń pè ò mọ̀ ọ́n. Òun kọ́ ló ń sanwó. Kí ló fẹ́ sọ fún ẹ ju pé ó wà ní akáúńtì? Béèrè ohun tó lè dìde lọ wò. Bi í pé ibo gan-an ni ìwé yẹn dé."

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ìwé ṣe ń rìn nínú akáúńtì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, torí èmi rò pé akáúńtì jẹ́ yàrá kan tí ínfọ́ìsì ń wọ̀ tí owó ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé kí ínfọ́ìsì dé ọwọ́ wọn. Ẹ lè fún ẹni tó wà níwájú, kó fi í sí inú dúrọ́ọ̀ kó gbàgbé. Èkejì, akáúńtì á tẹ́ ìwé mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: LPO tí wọ́n fi pàṣẹ ọjà, ìwé tí sitọ́ọ̀ kọ nígbà tó gba ọjà, àti ínfọ́ìsì tiyín. Iye ọjà, owó ẹyọ kan, àti orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kẹta, bó bá bára mu, wọ́n á kọ ìwé fáúṣà, ọ̀gá tó ní àṣẹ á fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san án. Ohun tí wọ́n ń pè ní pé owó ti gba ìfọwọ́sí nìyẹn. Ẹ̀kẹrin, wọ́n á kọ orúkọ yín sínú àwọn tí wọ́n máa sanwó fún lọ́jọ́ ìsanwó, ilé iṣẹ́ púpọ̀ sì ní ọjọ́ tiwọn. Ẹ̀yìn èyí ni báńkì tó kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹnu ọ̀nà kejì ni ìwé máa ń sùn sí jù. Bí ohun kan ò bá bára mu, akáńtáǹtì á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ní pè ẹ́. Kò mọ̀ ẹ́ rí, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ó ń dúró kí ẹnìkan wá béèrè ni." Ó wá bi mí ní nọ́ńbà LPO, nọ́ńbà ínfọ́ìsì, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí wébíìlì ní sitọ́ọ̀. Méjì àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ẹ̀kẹta. Ojú tì mí.

Ó bá mi kọ ọ̀rọ̀ kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Málàm. Lórí ínfọ́ìsì wa nọ́ńbà 117, tó tẹ̀lé LPO yín nọ́ńbà 0438, fún páálí bébà A4. Ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ni ọjà dé sitọ́ọ̀ yín, ọjọ́ 30 tá a fi àdéhùn sí sì ti pé ní ọjọ́ 5 oṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fìdí nǹkan mẹ́ta múlẹ̀ lọ́wọ́ akáúńtì. Ṣé ínfọ́ìsì náà ti dé ọwọ́ wọn? Ṣé ó bá LPO àti ìwé sitọ́ọ̀ mu? Ṣé ó ti gba ìfọwọ́sí pé kí wọ́n san án, tàbí ọwọ́ ta ló wà báyìí? Bí ohun kan bá kù tó yẹ kí àwa ṣe, ẹ jẹ́ ká mọ̀, a ó ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Mo fi ẹ̀dà ínfọ́ìsì àti LPO ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kó má di pé ẹ tún ń wá a kiri."

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, kò sí ìbínú. Mi ò sọ pé àwọn ọmọ mi ò tíì san owó ilé ẹ̀kọ́. Mi ò sọ̀rọ̀ Alhaja Ṣómólú. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kì í mú kí ẹnikẹ́ni dìde lọ ṣí fáìlì. Nọ́ńbà ló ń mú kí wọ́n lè wá ìwé jáde. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé kí n má fi ránṣẹ́ sí akáńtáǹtì fúnra rẹ̀. Ó ní rárá, ẹni tó ní kí o kó ọjà wá ni kí o kọ ọ́ sí, torí òun ló nílò ọjà, òun ló máa tún nílò ẹ lọ́la, ó sì lè rìn wọ inú akáúńtì lọ béèrè. Kí n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akáúńtì nínú ìmeèlì kan náà kí àwọn náà lè rí i. Ó ní kí n má fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá pátápátá, torí bí o bá fi ẹjọ́ Málàm sun lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá tiẹ̀ san owó yẹn, ó lè jẹ́ LPO tó máa fún ẹ kẹ́yìn nìyẹn. Ó wá ní kí n fi ìmeèlì ránṣẹ́ kí n sì tún fi Wọ́sáàpù sọ fún Málàm pé mo ti fi ránṣẹ́. Ọjọ́ Túsìdeè ni. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀sán Jímọ̀ ni, òun ò ní jẹ́ kí n fi ránṣẹ́, torí ní Kánò níbí, ta ló kù lọ́fíìsì tí Jímọ̀ bá ti dé?

Lọ́jọ́ kejì, kí aago mẹ́rin tó lù, Málàm fèsì. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ: "Ínfọ́ìsì yín sọ pé 60. Sitọ́ọ̀ sọ pé 56. Akáúńtì ò lè kọ fáúṣà."

Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi. "Wá ńbí. Páálí mélòó lo já sílé ẹ̀kọ́ yẹn?"

Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní, "Ọ̀gá, òjò wọ mẹ́rin lára rẹ̀, tapólì ọkọ̀ ti ya. Ọ̀gá sitọ́ọ̀ ò gbà á. Mo kó o padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

Wébíìlì náà wà nínú àpò ọkọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mo gbé e wò, ọ̀gá sitọ́ọ̀ ti kọ ọ́ síbẹ̀ fàlàlà pé mẹ́rin kò dára, ọmọ iṣẹ́ mi sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ méjìlélógójì ni ìwé yẹn fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ páálí mẹ́rin, ₦112,000, ló so ₦1,568,000 mọ́lẹ̀. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń fi owó mi ṣòwò ni.

Ibi tí a tún ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni àtúnṣe. Ọkàn mi sọ pé kí n kọ ínfọ́ìsì tuntun kí n sáré gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní dúró. Bí ínfọ́ìsì méjì bá wà níwájú akáńtáǹtì fún LPO kan ṣoṣo, ó lè rò pé mo fẹ́ gba owó lẹ́ẹ̀mejì, á wá há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí n kọ́kọ́ bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fẹ́: ṣé ìwé tó yọ owó páálí mẹ́rin kúrò lára ti àkọ́kọ́, tàbí ínfọ́ìsì tuntun tó rọ́pò rẹ̀? Wọ́n ní tuntun. Mo wá kọ ọ́ sórí rẹ̀ gbàgàdà pé nọ́ńbà 121 yìí rọ́pò nọ́ńbà 117, kí wọ́n fagi lé 117. Mo so ẹ̀dà wébíìlì mọ́ ọn. Ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ni mo gbé e lọ fúnra mi, mo sì ní kí ẹni tó gbà á kọ ọjọ́ sí ẹ̀dà tèmi kó fọwọ́ sí i.

Mo dúró fún ọjọ́ márùn-ún iṣẹ́. Mi ò pè. Nígbà tó pé, mo tún kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí Málàm. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ohun tí mo bi í yàtọ̀: "Ṣé ínfọ́ìsì 121 ti gba ìfọwọ́sí? Iye wo ni wọ́n fọwọ́ sí? Ọjọ́ ìsanwó wo ló bọ́ sí?"

Ẹ ṣàkíyèsí ìbéèrè àárín yẹn. Ó ṣe pàtàkì kẹ́ ẹ mọ iye tí wọ́n fọwọ́ sí kí owó tó wọlé. Málàm fèsì pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, ₦1,568,000, wọ́n á yọ owó-orí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ 30 oṣù ni wọ́n máa san án. Bí mi ò bá béèrè ni, tí álẹ́ẹ̀tì ₦1,536,640 bá wọlé, mo máa lọ ń jà pé wọ́n jẹ mí ní ₦31,360. Kì í ṣe olè. Owó-orí tí wọ́n yọ sílẹ̀ lórúkọ mi ni, ẹ̀rí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ ó lò ó nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ san owó-orí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì gba nọ́ńbà owó-orí, TIN, ẹ lọ gbà á o, torí ìlọ́po méjì ni òfin ní kí wọ́n yọ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní in.

Ọjọ́ 30, lọ́sàn-án, álẹ́ẹ̀tì dún. Ọjọ́ karùndínlọ́gọ́ta nìyẹn. Mo fi owó Alhaja ránṣẹ́ kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Mo sọ òtítọ́ fún un pé àṣìṣe ọ̀hún wà lọ́dọ̀ mi, pé kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ náà ló dá owó dúró. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ó dáa bó o ṣe sọ ọ́." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún di ọjà fún mi, àmọ́ ogún páálí péré. Ogójì tó yọ kúrò níbẹ̀ ni mo fi kọ́gbọ́n.

Ní báyìí, àbúrò wa ti Pọ́tá, ìwọ ni mo padà bọ̀ sọ́dọ̀ ẹ. Kó o tó pe ẹnikẹ́ni lọ́la, wá ìwé mẹ́ta yẹn jáde: LPO, wébíìlì tí wọ́n fọwọ́ sí, àti ínfọ́ìsì ẹ. Tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí akáńtáǹtì ṣe máa ṣe é. Wo iye wáyà, wo owó ẹyọ kan. Wo orúkọ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù kọ ínfọ́ìsì, àkáúńtì báńkì tá a wá kọ sísàlẹ̀ jẹ́ orúkọ tí bàbá wa sọ wá. Ìyẹn nìkan tó láti dá ìwé dúró. Bó o bá rí àléébù níbẹ̀, sọ ọ́ fún wọn nínú ọ̀rọ̀ tó o máa kọ, má dúró kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹ. Lẹ́yìn náà kọ ìbéèrè mẹ́ta yẹn sí ẹni tó pàṣẹ ọjà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára ìbéèrè yìí mọ o, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo tan òun jẹ. Kò lè mú owó jáde níbi tí owó ò sí. Bí wọ́n bá ní ìwé ti pé, ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, tí ọjọ́ ìsanwó àkọ́kọ́ kọjá, tí èkejì náà tún kọjá, tí wọn ò sì sọ ohun kan pàtó tó fà á, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìwé. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó máa fọwọ́ sí ti báńkì rin ìrìn àjò, ẹ bi wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n á sọ ọjọ́ tó máa dé. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, owó ni kò sí. Nígbà náà ẹ má kó ọjà mìíràn fún wọn, bó ti wù kí LPO tuntun náà dùn tó. Ẹ ní kí wọ́n san díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èsì tí wọ́n ti kọ sí yín pé iye báyìí ti gba ìfọwọ́sí á wúlò nígbà yẹn, torí wọn ò lè sọ mọ́ pé àwọn ò jẹ yín, tàbí pé iye rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀.

Bí èsì àkọ́kọ́ bá sì tún jẹ́ "ó wà ní akáúńtì", má bínú. Kọ ọ́ padà pé, "Ẹ ṣé, Ọ̀gá. Ṣé fáúṣà rẹ̀ ti wà, àbí wọ́n ṣì ń yẹ ìwé wò?" Òun fúnra rẹ̀ á rí i pé o mọ ọ̀nà ilé náà, á sì lọ wò ó.

Àbúrò mi, bó o bá kọ ọ́ tán, fi hàn mí ní ìkọ̀kọ̀ kó o tó fi ránṣẹ́. Má gbé nọ́ńbà àti orúkọ ilé iṣẹ́ wọn síbí, gúrúùpù yìí ti pọ̀. Èsì tí wọ́n bá fún ẹ, sọ ọ́ fún wa.

Oníbàárà kan ti dúró níwájú mi. Ó dàbọ̀.